Níbi tí ìlà ipá méjì ti pàdé: bí a ṣe ń yan àmì tí a ó gba mómẹ́ǹtì yípo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní Yaba. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí páìpù kan tó gbé pátákó ìpolówó dání: híńjì ló so ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀pá irin sì fa orí rẹ̀ sókè. Mo gba mómẹ́ǹtì yípo àárín páìpù torí ibẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ wà, àmọ́ àìmọ̀ méjì ló kù sí mi lọ́wọ́. Olùkọ́ wa gbà á yípo híńjì, ìlà kan péré ni iṣẹ́ fi parí. Ṣé àmì tó bá wù wá la lè mú ni? Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dáa? Ṣé ó sì gbọ́dọ̀ wà lára páìpù?

Ìdáhùn: Àmì tó bá wù ọ́ lo lè mú, àbúrò mi. Bí nǹkan bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò rìn, tí kò sì yí, gbogbo mómẹ́ǹtì tó wà lára rẹ̀ ti fagi lé ara wọn nìyẹn, ibi yòówù kí o ti wò ó. Àárín páìpù tí o mú kò lòdì sí òfin kankan. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ipá méjì tí o lé jáde níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n páìpù, tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ipá tí a ti mọ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn tí a kò mọ̀ ló yẹ ká lé.

Bí a ṣe ń lé wọn nìyí. Mómẹ́ǹtì ni ipá tí a fi ìjìnnà sọ di púpọ̀, ìjìnnà náà sì ni èyí tí a wọ̀n láti àmì tí a mú lọ sí ìlà ipá, kó dá igun gbọọrọ, ìyẹn díígírì 90, sílẹ̀ níbi tó ti kan ìlà náà. Bí ìlà ipá bá gba orí àmì náà kọjá, ìjìnnà di òfo, mómẹ́ǹtì sì di òfo, kódà bí ipá ọ̀hún bá tóbi tó òkè. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ní ojú híńjì gan-an kò lè ṣí i, bó ti wù kó lágbára tó. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé ìlà ipá yàtọ̀ sí ibi tí ipá ti fọwọ́ kan nǹkan. Ìlà náà gùn lọ síwájú àti sẹ́yìn láìlópin, ó lè jáde kúrò lára páìpù, kó wọnú ògiri tàbí kó gba inú afẹ́fẹ́ lọ.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìdọ́gba kankan, bi ara rẹ pé ipá wo gan-an ni mo ń wá báyìí? Wo àwọn méjì yòókù tí o kò mọ̀, fa ìlà wọn pẹ̀lú rúlà títí wọn yóò fi gé ara wọn kọjá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí o ti gba mómẹ́ǹtì. Àwọn méjèèjì á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan tí ò ń wá á kù pẹ̀lú àwọn tí o ti mọ̀.

Jẹ́ ká mú pátákó kan, irú èyí tó máa ń yọ sójú títì lókè ṣọ́ọ̀bù ní Bróòdù Sítíríìtì. Fi ògiri sí ọwọ́ òsì bébà rẹ. Páìpù irin tó gùn ní mítà 2 nà gbalaja síta láti ara ògiri, ìdí rẹ̀ wà nínú híńjì ní A. Ní orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní B, wọ́n de ọ̀pá irin tín-ín-rín kan mọ́ ọn, ọ̀pá náà sì gòkè padà lọ bá ògiri ní C, mítà 1.5 lókè A. Ìwọ̀n páìpù jẹ́ 60 níútọ̀n, àárín ló wà, ìyẹn mítà 1 sí ògiri. Pátákó wúwo tó 240 níútọ̀n. Ṣéènì méjì ni wọ́n fi gbé e kọ́, ọ̀kan ní mítà 1, èkejì ní B, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí mítà 1.5 sí ògiri.

Àìmọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní ni T, ìfà inú ọ̀pá irin, tó ń fa B lọ sọ́dọ̀ C. Èkejì ni H, bí híńjì ṣe ń ti páìpù síta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀kẹta ni V, bí híńjì ṣe ń gbé e sókè. Igun mẹ́ta A, B, C ní ẹ̀gbẹ́ 1.5, 2 àti 2.5, nítorí náà nínú T, ìdá 0.6 ló ń fa B sókè, ìdá 0.8 ló sì ń fà á sí ìhà ògiri.

Bí o ṣe mú àárín páìpù, H pòórá torí pé ìlà rẹ̀ gba inú páìpù lọ, ṣùgbọ́n T àti V dúró. Ohun tí o rí ni 0.6T − V = 120. Òótọ́ ni ìdọ́gba yẹn, àmọ́ kò lè dá sọ iye ẹnikẹ́ni fún ọ.

Wàyí o, ká sọ pé T ni a fẹ́. Àwọn tí a fẹ́ lé ni H àti V. Ìlà H gba ojú páìpù, ìlà V gba ojú ògiri, A sì ni wọ́n ti pàdé. Ìdí tí olùkọ́ yín fi lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀n méjèèjì fẹ́ yí páìpù sísàlẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ:

60 × 1 + 240 × 1.5 = 420

T fẹ́ yí i padà. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, wọ́n á ní ìjìnnà T jẹ́ mítà 2 torí pé B ni ọ̀pá ti kan páìpù. Rárá o. Láti A, wọ̀n ọ́n lọ sí ìlà BC kó dá igun gbọọrọ: 2 × 1.5 ÷ 2.5, ìyẹn mítà 1.2. Nítorí náà 1.2 × T = 420, T = 350 níútọ̀n. Bí wíwọ̀n yẹn bá ń dà ọ́ láàmú, pín T sí méjì ní B: 0.8T gba inú páìpù wá bá A tààrà, kò ní mómẹ́ǹtì, 0.6T ń gbé e sókè ní mítà 2. Èsì kan náà ni, 1.2T. Òfin Varignon ni wọ́n ń pe èyí: mómẹ́ǹtì ipá kan bá àpapọ̀ mómẹ́ǹtì àwọn tí a pín in sí dọ́gba. Bákan náà, o lè yọ́ ipá lọ lójú ìlà ara rẹ̀ láìyí mómẹ́ǹtì rẹ̀ padà. Bí o bá pín T ní C dípò B, apá tó ń lọ sókè ló bọ́ sórí ìlà ògiri tó sì pòórá, 0.8T × 1.5 ló kù, 1.2T náà ni.

Lẹ́yìn T, ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí o ṣe àròpọ̀ ipá lápá òsì àti ọ̀tún láti rí H, lẹ́yìn náà sókè àti sísàlẹ̀ láti rí V. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ṣi T kọ, àṣìṣe yẹn á ran H, á sì ran V. Ọ̀nà míì wà tó jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á dá dúró.

Fún H, àwọn tí a fẹ́ lé ni T àti V. Ìlà T lọ sí C, ìlà V gòkè lójú ògiri, òun náà sì gba C kọjá. Nítorí náà C ni àmì wa. Kò sí lára páìpù rárá, ara ògiri ló wà, kò sì sí aburú kankan níbẹ̀. Láti C, ìjìnnà àwọn ìwọ̀n sí ògiri kò yí padà, 420 yẹn náà ni. H wà ní mítà 1.5 nísàlẹ̀ C. Nítorí náà 1.5 × H = 420, H = 280 níútọ̀n.

Fún V, àwọn tí a fẹ́ lé ni T àti H, wọ́n sì pàdé ní B. Láti ibẹ̀, páìpù wà ní mítà 1 sẹ́yìn, pátákó ní mítà 0.5, V ní mítà 2:

2 × V = 60 × 1 + 240 × 0.5 = 180

V = 90 níútọ̀n.

A kò tíì ṣe àròpọ̀ ipá kankan, nítorí náà a lè wá fi ṣe ẹ̀rí. 0.8 × 350 jẹ́ 280, ó bá H mu. 0.6 × 350 jẹ́ 210. Fi 90 kún un, 300 ni, ó bá ìwọ̀n méjèèjì mu. Ká ní o ti lo mítà 2 fún ìjìnnà T, 210 lo máa pe T, àròpọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ á wá ní V jẹ́ 174, nígbà tí mómẹ́ǹtì láti B ń sọ pé 90 ni. Bí méjì bá ti takora báyìí, wá ìjìnnà tí o wọ̀n lódì. Mo fẹ́ràn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe é báyìí gan-an, torí pé ẹ̀rí tó wá láti ọ̀nà míì nìkan ló lè tú àṣìṣe fó.

Pàkúté kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí o mọ̀. Àmì mẹ́ta tí a lò, A, B àti C, kò sí lórí ìlà tààrà kan. Ká ní o mú A àti C, o wá ní kí ẹ̀kẹta wà lára ògiri náà, bíi mítà 1 nísàlẹ̀ A. Bí o bá pín T ní C, apá rẹ̀ tó ń fa páìpù sí ìhà ògiri, 280, wà ní mítà 2.5 lókè ibẹ̀, ó fún ọ ní 700. H fún ọ ní 280, àwọn ìwọ̀n fún ọ ní 420, àpapọ̀ méjèèjì náà 700. Ó bára mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n o kò rí nǹkan tuntun kankan, V kò sì yọjú. Kò lè yọjú láé, torí pé ojú ògiri yẹn ni ìlà rẹ̀ wà, kò sí àmì lórí ògiri tí yóò rí i. Bí ìdọ́gba rẹ bá ń yọrí sí 0 = 0, wò ó bóyá àwọn àmì rẹ tò lórí ìlà kan.

Wo ohun tí mómẹ́ǹtì láti C tún sọ fún wa láìjẹ́ pé a bi í. H jẹ́ 420 tí a fi gíga C lókè A pín. Bí onílé bá ní kí wẹ́dà má fi irin ba ojú fèrèsé òun jẹ́, tí wẹ́dà wá sọ C kalẹ̀ sí mítà 0.5 lókè A, H di 840. V kò yí padà, 90 náà ni, torí pé láti B, ibi yòówù kí ọ̀pá kan ògiri, ìlà rẹ̀ ṣì gba B kọjá. Ṣùgbọ́n T fò sókè láti 350 sí bíi 866. Ohun tó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lu ihò sí ògiri ni pé ní A, páìpù ń ti ògiri wọlé. Bóòtù ibẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Ní C, ọ̀pá ń fa àwo irin àti bóòtù rẹ̀ kúrò lára ògiri, 280 níútọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, 840 lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ògiri bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò nínú, C ni bóòtù ti máa kọ́kọ́ tú. Gbogbo èyí jẹ́ ti ìwọ̀n nìkan o. Atẹ́gùn òjò tó ń gbá ojú pátákó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, kò sí lójú bébà tí a yà, ìṣirò yìí kò rí i rárá.

Ní ti pé bóyá àmì gbọ́dọ̀ wà lára nǹkan náà, C ti dáhùn. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan wà tí àmì rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ gbalasa, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ kọ pátákó yìí máa gun àkàbà. Ká ní orí àkàbà fara ti ògiri táìsì tó ń dán, tí kò ní fíríṣọ̀n, ní gíga mítà 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí sìmẹ́ńtì ní mítà 3 sí ògiri. Àkàbà wúwo tó 200 níútọ̀n. Ẹni tó gùn ún wúwo tó 600, ó sì ti gùn ún dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìbéèrè tó kan ẹ̀mí níbẹ̀ ni pé fíríṣọ̀n mélòó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi di ẹsẹ̀ àkàbà mú kó má baà yọ̀?

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni láti gba mómẹ́ǹtì yípo ẹsẹ̀ àkàbà, kí a rí ìtì ògiri, ká tó wá sọ pé fíríṣọ̀n bá a dọ́gba. Àmọ́ fíríṣọ̀n ni a ń wá. Àwọn tí a fẹ́ lé ni ìtì ògiri, tó ń lọ gbalaja ní gíga mítà 4, àti ìgbé ilẹ̀, tó ń gòkè tààrà láti ẹsẹ̀ àkàbà. Fa wọ́n: wọ́n pàdé ní mítà 4 gan-an lókè ẹsẹ̀ àkàbà, nínú afẹ́fẹ́. Láti ibẹ̀, fíríṣọ̀n F wà ní mítà 4 nísàlẹ̀. Ìwọ̀n àkàbà wà ní mítà 1.5 sí ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin náà ní mítà 2.4:

4 × F = 200 × 1.5 + 600 × 2.4 = 1740

F = 435 níútọ̀n. Nígbà tó wà ní àárín àkàbà, 600 × 1.5 ni tirẹ̀, F kò ju 300 lọ. Ìgbé ilẹ̀ kò yí padà, 800 ni ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ìdá tí fíríṣọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú ìgbé ilẹ̀ gòkè láti 0.375 sí nǹkan bíi 0.54 bó ṣe ń gùn ún. Ìdí nìyẹn tí àkàbà fi máa ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀, tó sì máa ń yọ̀ nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Ká ní ẹsẹ̀ àkàbà wà ní mítà 1 péré sí ògiri, tí orí rẹ̀ ṣì wà ní mítà 4, gbogbo ìjìnnà ẹ̀gbẹ́ á dín sí ìdá mẹ́ta, F á di 145. Àmì inú afẹ́fẹ́ yẹn ló jẹ́ ká rí gbogbo èyí nínú ìdọ́gba kan ṣoṣo.

Bí ìlà méjì tí o fẹ́ lé bá jọ ń lọ ní ìbú kan náà, tí wọn kò lè pàdé láé, má wá àmì kiri. Ṣe àròpọ̀ ipá lójú ọ̀nà tó dábùú wọn, àwọn méjèèjì á pòórá níbẹ̀ bákan náà.

Ṣùgbọ́n bí àkàbà yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àmì inú afẹ́fẹ́ kò ní fún ọ ní òfo mọ́. Gbogbo ohun tí a ṣe látẹ̀yìnwá dúró lórí pé nǹkan náà kò yára, kò sì yí. Tó bá ń yára sí i, gba mómẹ́ǹtì yípo ibi tí ìwúwo rẹ̀ papọ̀ sí, kí o sì fi ìdọ́gba ìyípo sí i. Bí o bá fẹ́ lo àmì míì ṣáá, o gbọ́dọ̀ fi mómẹ́ǹtì ìwúwo tó ń yára náà kún ọwọ́ kejì ìdọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ìyẹn, iye tí wọ́n á rí á sì dà bí òótọ́.

Ohun tó kù ni híńjì fúnra rẹ̀. Híńjì kì í dènà ìyípo, ìdí nìyẹn tí àìmọ̀ méjì péré fi wà ní A. Tí o bá jáde lọ sí Èbúté Mẹ́ta tàbí Ìdúmọ̀tà, wo ìdí irú páìpù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ti jó o pọ̀ mọ́ àwo irin, tí wọ́n sì fi bóòtù mẹ́rin de àwo náà mọ́ ògiri, A ti ní mómẹ́ǹtì tirẹ̀ tó ń di páìpù mú, mómẹ́ǹtì yẹn kò sì ní ìlà kankan tí o lè dúró sí. Ibi yòówù kí o gbà á yípo, iye kan náà ló máa jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀pá irin lókè, mẹ́ta ṣì ni àìmọ̀ rẹ, ìṣirò á yọrí. Tí ọ̀pá irin bá tún wà, wọ́n ti di mẹ́rin, ìdọ́gba mẹ́ta péré lo sì ní. Kò sí àmì tó máa gbà ọ́ níbẹ̀. Àfi kí o mọ bí páìpù ṣe ń tẹ̀ àti bí ọ̀pá ṣe ń gùn sí i nígbà tí ìwọ̀n bá wá sórí wọn.